Ìwé Kóòtù Dé, Ọjọ́ Iṣẹ́ sì Ni: Báwo Lẹ Ṣe Máa Sọ Ọ́ fún Ọ̀gá?

Bí a bá gbọ́ pé kóòtù ránṣẹ́ pe ẹnì kan, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, “Kí ló ṣe?” Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi máa ń ká ìwé ìpè pọ̀, tí wọ́n á fi í sísàlẹ̀ báàgì, tí wọn ò sì ní jẹ́ kí ọ̀gá mọ̀. Òmíràn á ní inú ń run òun lọ́jọ́ náà. Òmíràn á kàn pa fóònù. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kóòtù ń pè ni kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìí ni wọ́n: ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú wọn, ẹjọ́ náà ò sì lè yanjú láìgbọ́ tẹnu wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìwé ìpè kóòtù kì í ṣe ohun tí ẹ ń tọrọ àyè rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Àṣẹ ni, ó sì de ẹ̀yin àti ọ̀gá. Ẹ kàn ń fi tó ọ̀gá létí ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe fi tó o létí, àti ìgbà tí ẹ sọ ọ́, ló máa pinnu bóyá wàhálà máa tibẹ̀ yọ.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan ṣe àpẹẹrẹ, akáṣíà ni nílé ìtajà òògùn kan ní Bódìjà, n’Ìbàdàn. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ kan kọlu ọlọ́kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó sọ ohun tó rí fáwọn ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì buwọ́ lù ú. Ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà pátápátá kí bélífù tó mú ìwé wọlé lọ́sàn-án Tọ́sìdeè kan: kó wá jẹ́rìí ní Kóòtù Májísíréètì Ìyágankú, ní Túsìdeè tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Òun ló sì ni ṣíìfù àárọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ kọ́kọ́ ka ìwé náà dáadáa

Kó tó lọ bá ọ̀gá, ó yẹ kó mọ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ kóòtù àti nọ́ńbà ẹjọ́ máa ń wà lókè. Orúkọ ẹni tó ń pẹjọ́ àti ẹni tó ń jẹ́jọ́ máa tẹ̀ lé e, kó tó wá kan orúkọ òun fúnra rẹ̀ àti ohun tí wọ́n pè é sí. Kó wo ọjọ́ àti aago. Kó wo ìsàlẹ̀ bóyá ìbuwọ́lùwé àti òǹtẹ̀ kóòtù wà níbẹ̀. Bí ìwé náà bá ń ṣe é ní kàyéfì, kó má ṣe pe nọ́ńbà tí wọ́n kọ sínú rẹ̀, nítorí àwọn onígbàjúẹ̀ náà mọ ìwé kóòtù tẹ̀. Kó lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù fúnra rẹ̀, kó sọ nọ́ńbà ẹjọ́ náà, kí wọ́n bá a yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kíyè sí. Ìwé mìíràn ń pe èèyàn kó wá sọ̀rọ̀, òmíràn sì ń ní kó mú ìwé kan wá nìkan. Àwọn méjèèjì ò jọra. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 sọ pé ẹni tí wọ́n bá ní kó mú ìwé wá kì í tìtorí pé ó gbé e wá di ẹlẹ́rìí. Bí kóòtù bá fẹ́ ìwé ọjà ilé ìtajà náà, ọ̀rọ̀ ilé iṣẹ́ nìyẹn, ọ̀gá ló sì máa yan ẹni tó máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ohun tí obìnrin yìí fojú rí ni wọ́n fẹ́ gbọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a lọ sọ ọ́.

Ibi tí agbára ọ̀gá mọ

Òfin Ìṣàkóso Ẹjọ́ Ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2015 fún kóòtù lágbára láti fìwé pe ẹlẹ́rìí, àwọn ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá náà sì ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Bí ìwé bá ti tẹ ẹlẹ́rìí lọ́wọ́, tí kò wá, tí kò sì ní àwáwí tó mọ́gbọ́n dání, adájọ́ lè ní kí wọ́n lọ mú un wá. Adájọ́ ò sì ní ka “ọ̀gá mi ò gbà” sí àwáwí.

Ọ̀gá tó bá dí ẹlẹ́rìí lọ́wọ́ gan-an ń fi ara rẹ̀ wewu. Abala 124 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe fún gúúsù Nàìjíríà sọ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ dá ẹlẹ́rìí tí kóòtù pè dúró kó má lè lọ, tàbí tó gbìyànjú rẹ̀, ti ṣẹ̀, ó sì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Òfin yìí dára ní mímọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun lèèyàn fi í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀gá tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n halẹ̀ mọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ kò ní ṣe ju ohun tí òfin bá fipá mú un ṣe lọ.

Ó ṣì kù síbì kan, torí òfin ò yanjú ọ̀rọ̀ owó. Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà fún òṣìṣẹ́ tó ti lo oṣù 12 ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, lọ́dún. Ó tún sọ̀rọ̀ ìsinmi àìsàn. Ṣùgbọ́n kò ya ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́rìí. Nítorí náà, ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti ìlànà ilé iṣẹ́ ló máa sọ bóyá wọ́n á san owó ọjọ́ náà, bóyá wọ́n á yọ ọ́ nínú ìsinmi ọdún, tàbí bóyá kò ní sówó níbẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ náà ni kéèyàn ti béèrè, kì í ṣe ìgbà tí owó oṣù bá dín.

Ohun tó máa sọ

Ohun méjì ló máa ń bọ́ sọ́kàn ọ̀gá tó bá gbọ́ “kóòtù.” Èkíní, ṣé òṣìṣẹ́ yìí ti kó sí wàhálà? Èkejì, ta ló máa ṣiṣẹ́ rẹ̀? Ẹni tó bá dáhùn méjèèjì kí ọ̀gá tó béèrè ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí ìwé náà dé gan-an ló yẹ kó sọ ọ́. Kó kọ́kọ́ fẹnu sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe níwájú oníbàárà. Lẹ́yìn náà, kó fi ránṣẹ́ sórí fóònù kó lè wà ní àkọsílẹ̀. Ó lè kọ ọ́ báyìí:

“Ẹ káàsán mà. Kóòtù Májísíréètì Ìyágankú fìwé pè mí lónìí pé kí n wá jẹ́rìí ní Túsìdeè tó ń bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó kọlu ọlọ́kadà níwájú ṣọ́ọ̀bù wa lọ́dún tó kọjá ni. Ẹlẹ́rìí ni mí o mà, wọn ò fẹ̀sùn kankan kàn mí. Mi ò mọ ìgbà tí wọ́n máa dá wa sílẹ̀, torí náà mi ò ní lè ṣe ṣíìfù àárọ̀. Akẹgbẹ́ mi tí kò níṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti gbà láti bá mi ṣe é, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, èmi náà á bá a ṣe ti Sátidé. Bí wọ́n bá tètè tú wa ká, màá pè yín bóyá ẹ ṣì fẹ́ kí n wá. Fọ́tò ìwé náà nìyí, màá mú fọ́tòkọ́pì rẹ̀ wá lọ́la. Ẹ ṣé mà.”

Ẹ wò ó pé kò sọ ohun tó máa lọ sọ ní kóòtù, kò sì yẹ kó sọ ọ́. Bí ọ̀gá bá ń tọpinpin, kó fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ níwájú adájọ́.” Kò sì ṣèlérí pé òun á padà ní aago méjìlá. Ẹlẹ́rìí lè dé ní aago mẹ́sàn-án, kí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ ẹlẹ́jọ́ títí di aago kan kí wọ́n tó pè é.

Irọ́ àìsàn ló burú jù nínú gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yọ ara rẹ̀. Ẹlẹ́rìí tó bá bọ́ sínú àpótí á búra, á dárúkọ ara rẹ̀, á sọ iṣẹ́ tó ń ṣe, adájọ́ á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì ọjọ́ náà. Bí ilé iṣẹ́ bá wá rí i pé ọjọ́ tó ní òun wà lórí ibùsùn gan-an ló wà ní Ìyágankú, irọ́ náà ni wọ́n máa fi lé e lọ, ìwé ìpè tó yẹ kó gbèjà rẹ̀ á sì di ẹ̀rí tí wọ́n máa fi mú un.

Bí ọ̀gá bá ní ọjọ́ náà kò rọgbọ rárá, bóyá torí pé wọ́n ń ka ọjà, kó má ṣe ṣèlérí pé òun ò ní lọ. Adájọ́ nìkan ló lè sún ọjọ́ síwájú. Ó lè bá agbefọ́ba tó ni ẹjọ́ náà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kó bá wọn gbé e dé iwájú adájọ́, ṣùgbọ́n bí adájọ́ ò bá tíì gbà, ọjọ́ inú ìwé ló ṣì dúró.

Nígbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú

Ìgbà kejì àti ìkẹta ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń bàjẹ́ láàárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ó lè dé kóòtù kí adájọ́ má jókòó. Agbẹjọ́rò lè tọrọ àyè, tàbí kí wọ́n má gbé olùjẹ́jọ́ wá láti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́n á mú ọjọ́ mìíràn, adájọ́ á sì kàn fẹnu sọ fún ẹlẹ́rìí pé kó padà wá. Ọ̀rọ̀ ẹnu adájọ́ yẹn tó àṣẹ, wọ́n lè má tún fún un ní ìwé tuntun. Ó wá padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́ òfìfo, ọ̀gá sì ń wò ó bíi pé ó lọ ṣeré.

Kó tó kúrò ní kóòtù, kó bẹ akọ̀wé kóòtù pé kó bá òun kọ ọjọ́ tuntun sẹ́yìn fọ́tòkọ́pì ìwé ìpè náà, kó buwọ́ lù ú, kó sì lu òǹtẹ̀. Ìyẹn á jẹ́rìí pé ó wá lóòótọ́, á sì tún jẹ́ ìkìlọ̀ fún ọ̀gá nípa ọjọ́ tó ń bọ̀. Kó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n lè tètè tún ìwé ṣíìfù ṣe. Bó bá jẹ́ ẹlẹ́rìí ìjọba ni, kó béèrè bóyá kóòtù lè pàṣẹ kí wọ́n san owó ọkọ̀ rẹ̀, torí òfin ọdún 2015 yẹn fàyè gba a.

Bó bá jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba tàbí ẹjọ́ ara ẹni

Ìwé láti ọ́fíìsì owó orí tàbí ti ilẹ̀ kì í sábà le tó ti kóòtù. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà láti yí ọjọ́ padà bí èèyàn bá tètè kọ̀wé sí wọn, nítorí náà kí òṣìṣẹ́ gbìyànjú ìyẹn ná kó tó gba àyè níbi iṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ ẹjọ́ tirẹ̀ ni, bí ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ogún, kò pọn dandan kó tú àṣírí ilé sílẹ̀. Orúkọ kóòtù, ọjọ́, aago àti òǹtẹ̀ ti tó fún ọ̀gá. Ó sì lè mú ìwé náà lọ sí ẹ̀ka tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ dípò alábòójútó rẹ̀.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ náà gan-an ló wà nínú ẹjọ́, kó sọ ọjọ́ àti aago nìkan, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́ kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Kó tọ́jú gbogbo ìwé tó bá gbà àti iṣẹ́ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá títí tí ẹjọ́ fi máa parí, torí bí ilé iṣẹ́ bá tìtorí rẹ̀ lé e lọ, àwọn ló máa kó dé Kóòtù Ilé Iṣẹ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, níbi tí òfin ní kí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́.