Ọpọ́n Òfìfo Nínú Ìlà: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Ọwọ́ Nílé Ẹ̀rọ Ẹ̀gẹ́ Lóru

Ọ̀rọ̀ tòní, ẹ̀yin tí ẹ ń dín gààrí ló kàn, àti ní pàtàkì ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń dúró ti ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ lóru. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà kò bá sí nínú àwùjọ yín, ẹ ránṣẹ́ pè é.

Gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú kì í dúró de ènìyàn. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, inú rẹ̀ á ti máa dúdú. Nítorí náà, bí àwọn ìyá bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bó o, tí wọ́n fọ̀ ọ́, kíá ni wọ́n á gbé e wá sílé ẹ̀rọ. Ọpọ́n á tò lọ bẹẹrẹ títí dé ìta. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà, ilẹ̀ sì ti ṣú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ á ní, "Ẹ má dààmú, gbogbo rẹ̀ la máa lọ kílẹ̀ tó mọ́."

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ wo iṣẹ́ náà dáadáa: gbé ọpọ́n, da ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ, tì í, kó èyí tó ti kúnná, ó tán, ó kan ọpọ́n mìíràn. Ohun kan náà, ariwo kan náà, láti alẹ́ títí di òru. Lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ yẹn, irin róbótó eléyín ló ń yí. Irin yẹn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀gẹ́ àti ìka ọwọ́.

Ẹ lè sọ pé, "Bí oorun bá ń kùn mí, mo máa mọ̀." Rárá o. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ lónìí nìyẹn: ẹni tí oorun ń mú lọ kì í mọ ìgbà tó lọ. Oorun kan wà tí kì í ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ojú lè là sílẹ̀ kalẹ̀, ọwọ́ á ṣì máa ti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ọpọlọ ti sùn. Ẹni náà kò ní rántí pé òun sùn rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí wọ́n rí nílẹ̀ ibòmíràn. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn ọmọ ogun òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn kan tó ń jókòó ti ẹ̀rọ tó ń fi àmì ọkọ̀ ọ̀tá hàn. Wọ́n rí i pé àwọn wọ̀nyí máa ń fo àmì ọ̀hún dá. Ọ̀gbẹ́ni Nọ́máàn Mákíwọ̀tì wá dán an wò, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 1948. Ó ní kí àwọn ènìyàn máa wo ọwọ́ aago kan tó ń ta ṣẹ́kẹ́ ṣẹ́kẹ́. Bó bá ta lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n tẹ bọ́tìnì. Wákàtí méjì ni wọ́n fi wò ó. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí péré, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fo púpọ̀ dá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣe é fún ìdajì wákàtí, tí wọ́n sinmi, tí wọ́n tún padà, ojú wọn kò kú. Kì í ṣe pé àwọn tí àkọ́kọ́ ya ọ̀lẹ. Bí ọpọlọ ènìyàn ṣe rí nìyẹn bí iṣẹ́ bá jẹ́ bákan náà.

Ẹ wá fi àárẹ̀ ọjọ́ kún un. Ẹni tó jí ní aago 5 ìdájí láti lọ sóko, bó bá di aago 10 alẹ́, ó ti wà lójú fún wákàtí 17. Àwọn onímọ̀ méjì ní ilẹ̀ Ọsirélíà, Dọ́sìn àti Rííìdì, wọn èyí ní ọdún 1997. Wọ́n rí i pé bí ọwọ́ àti ojú ẹni tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìsùn ṣe ń ṣiṣẹ́ dàbí ti ẹni tó ti mutí dé ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ń ní kó má wakọ̀. Ṣé ẹ máa jẹ́ kí ọ̀mùtí ti ẹ̀gẹ́ sẹ́nu ẹ̀rọ? Láàárín aago 2 sí aago 5 òru ló sì burú jù, torí ìgbà yẹn ni ara fúnra rẹ̀ fẹ́ sùn jù lọ, bí ènìyàn tilẹ̀ sùn lọ́sàn-án.

Kí la máa wá ṣe? Níwọ̀n bí a kò ti lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ara ń sọ, ọpọ́n ni kí a máa kà. Ẹ fi ọpọ́n òfìfo sáàárín ìlà. Lẹ́yìn ọpọ́n mẹ́fà tó kún, kí ọ̀kan tó ṣófo wà. Bó bá kàn án, ẹ̀rọ á dúró. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fò ó, ìbáà jẹ́ ìyá ọba.

Ẹ jẹ́ ká fi òru kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ọgbọ̀n ọpọ́n ló wà nílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba ìṣẹ́jú 10. Àwọn méjì ló ń ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń tì í sẹ́nu ẹ̀rọ, èkejì ń gbé ọpọ́n, ó sì ń pe orúkọ olówó rẹ̀. Lẹ́yìn ọpọ́n mẹ́ta, tó jẹ́ ìdajì wákàtí, kí wọ́n pààrọ̀ ipò. Aago 9 alẹ́ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní aago 10, ọpọ́n òfìfo kàn. Wọ́n sinmi ìṣẹ́jú 10, wọ́n jáde síta, wọ́n mu omi. Wọ́n tún lọ mẹ́fà, wọ́n sinmi, wọ́n lọ mẹ́fà sí i. Aago 12 kọjá ìṣẹ́jú 20 báyìí, ọpọ́n méjìdínlógún ti jáde.

Ìsinmi ńlá ló kàn. Wọ́n pa ẹ́ńjìnì pátápátá, àwọn méjèèjì dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ìyá kan nínú ìlà sì ń ṣọ́ aago. Ìṣẹ́jú 20 ni kí wọ́n sùn, kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹni tó bá wọnú oorun jinlẹ̀ á jí pẹ̀lú ojú tó ń ṣú. Bí wọ́n bá jí, kí wọ́n bọ́jú, kí wọ́n rìn fún ìṣẹ́jú 15 kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Wọ́n padà síṣẹ́ ní aago 1 ku ìṣẹ́jú 5, wọ́n lọ mẹ́fà, wọ́n sinmi ìṣẹ́jú 10, wọ́n lọ mẹ́fà tó kù. Aago 3 kọjá ìṣẹ́jú 5, iṣẹ́ ti parí. Láìsinmi, aago 2 ni wọn ì bá parí. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 5 ni gbogbo ìsinmi náà gbà. Ẹ fi wé ìka ọwọ́ tí kò ní hù mọ́.

Bí ọpọ́n òfìfo kò bá tíì kàn, àmì wà tí ẹ fi lè mọ̀ pé ẹnì kejì yín ti ń lọ. Ẹ fetí sí ẹ́ńjìnì. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá ti ṣófo, ohùn rẹ̀ á fẹ́lẹ́, á máa sáré. Bó bá ń sáré bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó dúró tì í kò da ẹ̀gẹ́ sí i, ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ bi í pé, "Ẹ̀gẹ́ ta la lọ tán yìí?" Bí kò bá rántí, kó fi ibẹ̀ sílẹ̀. Àmì tó burú jù ni kó gbàgbé igi, kó máa fi ọwọ́ lásán ti ẹ̀gẹ́. Igi ni kí ẹ máa fi tì í nígbà gbogbo, kí igi náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò fi ní wọ ẹnu ẹ̀rọ. Bí nǹkan bá há, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kí ẹ dúró títí irin yóò fi dákẹ́ yíyí pátápátá, torí ó ṣì máa ń yí fúngbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Ìborùn àti etí ìró kò gbọdọ̀ sún mọ́ bẹ́líìtì.

Ohun kan tún wà tó ń jọ oorun, tí kì í ṣe oorun. Èéfín ẹ́ńjìnì ní afẹ́fẹ́ kan nínú tí kò lóòórùn, tí ojú kò sì rí. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn nítorí òtútù tàbí òjò, á kún inú ilé, ó sì lè pa ènìyàn. Bí orí bá ń fọ́ ẹni méjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí ara wọn sì fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bọ́ síta, èéfín ni. Ẹ má wọlé padà. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tó wà níta pa ẹ́ńjìnì bó bá ti lè ṣeé ṣe, kí ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Ẹ fi páìpù gbé èéfín jáde kí iṣẹ́ ọjọ́ mìíràn tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má sì sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnì tó ń ṣiṣẹ́ láé.

Obì ńkọ́? Obì àti kọfí ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń tó nǹkan bí ìdajì wákàtí kí agbára wọn tó dé ojú. Ẹ lè jẹ obì díẹ̀ kí ẹ tó dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20 yẹn, kó lè bá yín nígbà tí ẹ bá jí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara, kò sì ní jẹ́ kí ẹ sùn bí ilẹ̀ bá mọ́. Ní ti tramadọ́ọ̀lì tí wọ́n ń tà lọ́jà, ẹ má fọwọ́ kàn án. Oògùn ìrora ni. Kì í lé oorun. Kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ pé ó ti rẹ òun ni, ó lè mú gìrì wá, ó sì ń di bárakú.

Bí iṣẹ́ bá parí, ewu kò tíì tán. Títì Kútọnu sí Parákú gba àárín wa kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù kì í sì í dúró lóru. Ẹni tó ti ilé ẹ̀rọ bọ̀ kò gbọdọ̀ gun alùpùpù lọ sílé láìsùn. Kó sùn síbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, tàbí kí ẹni tó sùn dáadáa gbé e.

Kí àwùjọ tó tú ká, ẹ jọ dáhùn ìbéèrè méjì yìí. Ìkíní, ta ni yóò máa gbé ọpọ́n òfìfo sínú ìlà nílé ẹ̀rọ tiyín? Ó sàn kí ó jẹ́ ìyá tí gbogbo yín ń gbọ́ tirẹ̀. Ìkejì, bó bá jẹ́ iye ọpọ́n lẹ fi ń san owó fún ọmọ tó ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ máa ka ọpọ́n òfìfo mọ́ ọn? Bí ẹ kò bá kà á, á fò ó. Àwa náà ì bá fò ó.

Ó dàbọ̀ o. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fi ọwọ́ wá owó, ká sì pàdánù ọwọ́.