Ìṣẹ́gun Kejì Wo? Bí Kàlẹ́ńdà Orí Ẹ̀rọ Ṣe Ń Ka Ọjọ́ Ìpàdé

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí, bí ó bá dé inú rẹ̀ a di odindi; ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ń pa ọjọ́ ìpàdé mọ́ kò ní inú tí àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè dé, odindi ni a ní láti gbé lé e lọ́wọ́. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbólóhùn kan ṣoṣo, “every second Tuesday”, ni wọ́n fi ń pe ìpàdé tí ń fo Ìṣẹ́gun kan kí ó tó padà wáyé, àti èyí tí ń bọ́ sí Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù. Ìlànà iCalendar, tí àjọ IETF kọ́kọ́ gbé jáde ní 1998, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2009 lábẹ́ àkọlé RFC 5545, kò gba irú ọ̀rọ̀ olójú méjì bẹ́ẹ̀: ọ̀tọ̀ ni òfin tí à ń kọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a mú ẹgbẹ́ kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìpàdé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 oṣù kẹsàn-án, 2026, ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́:

```
DTSTART;TZID=Africa/Lagos:20260908T170000
RRULE:FREQ=WEEKLY;INTERVAL=2;BYDAY=TU
```

Ọ̀sẹ̀ ni òfin yìí ń kà, ní méjì-méjì, TU sì ni Ìṣẹ́gun. Bí ó bá jẹ́ ti oṣù ni wọ́n ń wí, ìlà kejì yóò yí padà:

```
RRULE:FREQ=MONTHLY;BYDAY=2TU
```

Ohun tí ń tan ènìyàn jẹ ni pé ọjọ́ kìn-ín-ní òfin méjèèjì kò yàtọ̀. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà wọn pín: ti àkọ́kọ́ yóò pè wọ́n ní 22 oṣù kẹsàn-án, àti 6 àti 20 oṣù kẹwàá, èkejì yóò dákẹ́ títí di 13 oṣù kẹwàá. Nítorí náà, ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni kí a tò síwájú ẹni tí ó sọ̀rọ̀, kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ yan èyí tí ó ní lọ́kàn.

Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì sọ Ìṣẹ́gun tí a óò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. DTSTART ni ó ń sọ ọ́. Bí a bá sún un sí 15, òfin kìn-ín-ní yóò bọ́ sí gbogbo Ìṣẹ́gun tí ó ti ń fò tẹ́lẹ̀. Ní ti òfin kejì, 15 kì í ṣe Ìṣẹ́gun kejì rárá, ìlànà náà kò sì sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀: ètò kan lè fi ọjọ́ náà hàn, kí òmíràn fò ó.

Ọjọ́ ọjà wa ni ó nílò ìṣọ́ra jù. Ọjà ọrún ni à ń ná ní ọjọ́ karùn-ún, ṣùgbọ́n a ń ka ọjọ́ ọjà tí a wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀rọ kì í kà á. Mẹ́rin ni kí a kọ:

```
RRULE:FREQ=DAILY;INTERVAL=4
```

Ẹni tí ó bá kọ márùn-ún yóò fi ọjọ́ kan pẹ́ dé ọjà tí ó tẹ̀ lé e, yóò fi méjì pẹ́, yóò fi mẹ́ta pẹ́. Ní ìgbà kẹrin, yóò tún ṣe kòńgẹ́ ọjọ́ ọjà gan-an, àṣìṣe náà yóò sì dà bí ẹni pé kò sí.