Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin fún ẹni tí trigonomẹ́tírì ń dà láàmú kí WAEC tó dé

Akẹ́kọ̀ọ́ tí trigonomẹ́tírì ń dà láàmú sábà mọ fọ́múlà sórí. Inú àwòrán ló ti ń ṣìnà. Nítorí náà, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ṣáájú ìdánwò WAEC, méjì yẹ kó lọ sórí onígun mẹ́ta tó ní igun 90° nìkan, bó tilẹ̀ dà bí iṣẹ́ ọmọdé.

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní wà fún orúkọ ẹ̀gbẹ́. Bí ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́ta náà bá jẹ́ 3, 4 àti 5, sáìnì igun tó dojú kọ 3 jẹ́ 3/5; sáìnì igun tó dojú kọ 4 jẹ́ 4/5. Ẹ̀gbẹ́ kò yí padà, igun tí a ń wò ló yí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ya irú rẹ̀ márùn-ún lójúmọ́, kó dà wọ́n nù síhìn-ín sọ́hùn-ún, títí ojú rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn. Kó yẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀ wò pẹ̀lú: 0.5 ni sin 30 gbọ́dọ̀ jẹ́. Bó bá gbé −0.988 jáde, RAD ló wà, kì í ṣe DEG.

Ọ̀sẹ̀ kejì jẹ́ ti igun tí ojú fi ń wòkè àti èyí tó fi ń wolẹ̀. Àṣìṣe kan ló gbajúmọ̀ níbẹ̀: ìlà tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni a ti ń wọn igun ìwolẹ̀, kì í ṣe ara òpó tàbí ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ló le jù, torí bíáríǹgì dé. Àríwá ni a ti ń kà á, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ká ní ọlọ́kadà kan kúrò ní A, ó rin kìlómítà 8 lórí 060° dé B, ó wá rin kìlómítà 6 lórí 120° dé C. Báwo ni C ṣe jìnnà sí A tó? Ọ̀pọ̀ á yọ 60 kúrò nínú 120, wọn á ní igun B jẹ́ 60°. Ṣùgbọ́n ẹni tó dúró ní B, tó bojú wẹ̀yìn wo A, orí 240° ló ń wò. C wà lórí 120°. Igun B jẹ́ 120°.

AC² = 8² + 6² − 2 × 8 × 6 × cos 120°

Òdì ni cos 120°, −0.5. Nítorí náà 100 + 48 = 148, AC sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12.2. Ẹni tó lo 60°, tàbí tó gbàgbé àmì òdì, yóò rí 7.2. Àwòrán ló máa tú u fó: ẹ̀gbẹ́ tó dojú kọ igun tó tóbi jù ló gbọ́dọ̀ gùn jù, 7.2 kò sì tó 8.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin jẹ́ ti ìbéèrè àtijọ́ pẹ̀lú aago: ìbéèrè 50 ti abala àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 90. Ọjọ́ kejì ni kó tún èyí tó kùnà ṣe, láìwo ìdáhùn. Bí bíáríǹgì kò bá tíì dúró, kó fi gíráàfù sáìnì àti kósáìnì sílẹ̀. Apá kejì abala àròkọ fàyè gba yíyan ìbéèrè, apá kìn-ín-ní rẹ̀ ni kò fàyè gbà á.