Ètò Líìgì Ẹgbẹ́ Márùn-ún

Nígbà tí Líìgì Bọ́ọ̀lù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1888, ẹgbẹ́ 12 ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá àwọn yòókù gbá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan ní ilé, lẹ́ẹ̀kan ní oko. Bí iye ẹgbẹ́ bá ṣeé pín sí méjì-méjì báyìí, gbogbo wọn lè gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ márùn-ún, ọ̀kan gbọ́dọ̀ sinmi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀ ni ìjà ti ń wọlé.

Ká ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Iléṣà, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ fẹ́ díje. Ẹni tí kò fara balẹ̀ lè kọ́kọ́ so mẹ́rin àkọ́kọ́ pọ̀ mọ́ ara wọn títí wọn yóò fi pàdé tán. Èyí yóò gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọ̀yọ́ yóò sì jókòó lásán ní gbogbo rẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin tí ó kù, ti Ọ̀yọ́ ni gbogbo wọn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọn yóò sì gbà, nítorí ẹgbẹ́ kan kò lè gbá méjì lọ́jọ́ kan. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ márùn-ún di ti ọ̀sẹ̀ méje.

Ọ̀nà tí ó tọ́ ni pé kí a kọ orúkọ àwọn ìlú náà yí òbìrí kan ká, bí a ti kà wọ́n lókè yìí. Abẹ́òkúta ni yóò kọ́kọ́ sinmi. Àwọn méjì tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ yóò pàdé, àwọn méjì tí ó jìnnà sí i yóò sì pàdé: Ìbàdàn gba Ọ̀yọ́ lálejò, Oǹdó gba Iléṣà lálejò. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, kí a fi ìlú tí ó kàn rọ́pò ìlú kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí a kọ́kọ́ dárúkọ ni onílé:

Ọ̀sẹ̀ 1: Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Iléṣà, Abẹ́òkúta sinmi.
Ọ̀sẹ̀ 2: Iléṣà àti Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Oǹdó, Ìbàdàn sinmi.
Ọ̀sẹ̀ 3: Oǹdó àti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ọ̀yọ́, Iléṣà sinmi.
Ọ̀sẹ̀ 4: Ọ̀yọ́ àti Iléṣà, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, Oǹdó sinmi.
Ọ̀sẹ̀ 5: Abẹ́òkúta àti Oǹdó, Iléṣà àti Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ sinmi.

Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ wò yóò rí i pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sinmi lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbàlejò lẹ́ẹ̀mejì, ó sì rìnrìn-àjò lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìdajì kejì, a ó tún ètò yìí tẹ̀ lé láti òkè dé ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n àlejò yóò di onílé. Kí a má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀, Ọ̀yọ́ yóò sinmi ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ìkẹfà léra wọn. Bí a bá tẹ̀ lé ètò náà bí ó ti yẹ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 20 yóò parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Bí ìlú kẹfà bá sì dé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, a kò ní tú ètò náà ká: ẹgbẹ́ tí ìbá sinmi lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò bá a gbá.