Bí ìwé ìlànà gígùn ṣe ń di ewé kan: àpẹẹrẹ àyẹ̀wò ibà

Bí ara ọmọdé bá gbóná, ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ lójú ẹsẹ̀ pé ibà ni. Ṣùgbọ́n ara gbígbóná nìkan kò tó láti fi mọ̀ ọ́n. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń sọ pé kí a kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò, kí a tó fún un ní oògùn ibà. Ní ilé ìwòsàn tí kò ní ẹ̀rọ ńlá, pèlébé ike kékeré kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Pèlébé yìí kò gùn ju ìka lọ. Ó ní ihò kan fún ẹ̀jẹ̀, ihò kejì fún omi àyẹ̀wò, àti fèrèsé tóóró kan tí a kọ lẹ́tà C àti lẹ́tà T sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan, omi díẹ̀, ìdúró díẹ̀, ìlà pupa a sì yọ nínú fèrèsé náà.

Iṣẹ́ náà dà bí ohun tí ó rọrùn. Síbẹ̀, ìwé ìlànà tí ó ṣàlàyé rẹ̀ lè ju ojú ìwé mẹ́wàá lọ, èdè Faransé ni wọ́n sì sábà fi ń kọ ọ́. Ìwé náà sọ ẹni tí ó ni ojúṣe, ibi tí a ó tọ́jú àwọn tẹ́sì sí, bí a ó ṣe da ìdọ̀tí nù, ìdí tí a fi ń ṣe ohun kọ̀ọ̀kan, àti ẹni tí ó fọwọ́ sí i. Gbogbo rẹ̀ ni ó wúlò. Ẹni tí ń bojú tó iṣẹ́ nílò rẹ̀, ẹni tí ó wá yẹ ilé ìwòsàn wò náà nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tuntun tí ó ti wọ ìbọ̀wọ́, tí ó di ìka ọmọ tí ń sunkún mú, kò lè máa ṣí ojú ìwé keje láti wá iye ẹ̀kán omi. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níwájú rẹ̀ ni ewé ìtọ́nà kan ṣoṣo, tí ojú lè kà láìfi ọwọ́ kàn án.

Ìyàtọ̀ tí irú ewé bẹ́ẹ̀ ń mú wá kì í ṣe àròsọ. Ní orílẹ̀-èdè Sáḿbíà, àwọn olùwádìí dán an wò pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera abúlé, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2008. Àwọn tí wọ́n fún ní ìwé tí ó wà nínú páálí tẹ́sì nìkan ṣe ìgbésẹ̀ 57 bí ó ti yẹ nínú 100. Àwọn tí ó rí ewé ìtọ́nà tí ó ní àwòrán gbà ṣe 80. Àwọn tí ó gba ewé náà, tí wọ́n sì fún ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wákàtí díẹ̀, ṣe 92. Tẹ́sì kan náà ni gbogbo wọn lò.

Báwo wá ni a ṣe ń gé ìwé ojú ìwé mẹ́wàá di ewé kan? Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni pé kí ẹni tí ń kọ ọ́ jókòó ti ìwé náà, kí ó máa ké gbólóhùn gígùn kúrú. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí ó máa rí ni ìwé gígùn tí a tẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ìwé. A ó ní kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà dáadáa ṣe àyẹ̀wò kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí ẹnìkejì máa kọ gbogbo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni a ó mú ìwé ìlànà, tí a ó fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn tí ó bá mú ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tí ó mú ojú wo nǹkan. Ohun tí a kò fa ìlà sí yóò wà nínú ìwé ńlá. Bí ìwé ńlá àti ọwọ́ ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kò bá bára mu, a kò gbọ́dọ̀ kọ ewé náà títí ọ̀gá yóò fi sọ èyí tí ó tọ́.

Ẹ jẹ́ kí a mú gbólóhùn kan. Ìwé ìlànà lè sọ báyìí: «Òṣìṣẹ́ tí a yan iṣẹ́ yìí fún gbọ́dọ̀ rí i dájú pé tẹ́sì tí yóò lò ṣì wà láàárín àkókò ìlò rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ sára àpò, kí ó tó ṣí i.» Ní orí ewé, ohun tí ó kù ni pé: «Wo ọjọ́ tí ó wà lára àpò. Bí ó bá ti kọjá, má lò ó.» Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó ṣáájú, kì í ṣe orúkọ ẹni tí yóò ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ni gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní kí a ṣe. Bí ewu bá wà nínú ìgbésẹ̀ kan, ìkìlọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ máa ń ba tẹ́sì jẹ́ bí àpò bá ti ya. Nítorí náà, «Má ya àpò kí aláìsàn tó jókòó» gbọ́dọ̀ wà lókè «Ya àpò». Bí a bá kọ ọ́ sísàlẹ̀, àpò yóò ti ya kí òṣìṣẹ́ tó kà á.

Àwọn nǹkan díẹ̀ wà tí a kò gbọ́dọ̀ gé, bí ó ti wù kí àyè kéré tó. Àkọ́kọ́ ni iye ẹ̀jẹ̀ àti iye ẹ̀kán omi. Iye omi kò dọ́gba láàárín ilé iṣẹ́ kan àti òmíràn. Èyí tí ó bá tọ́ fún irú tẹ́sì kan lè ba òmíràn jẹ́. Nítorí èyí, orúkọ irú tẹ́sì náà ni ó yẹ kí a kọ gàdàgbà sí orí ewé. Bí ilé oògùn bá fi irú mìíràn ránṣẹ́, a gbọ́dọ̀ ká ewé àtijọ́ kúrò lára ògiri ní ọjọ́ náà gan-an. Ewé tí ó ti pẹ́ léwu ju àìsí ewé lọ, nítorí òṣìṣẹ́ yóò gbà á gbọ́.

Èkejì ni àkókò. Bí a bá ka èsì kí àkókò tó pé, ìlà tí ó yẹ kí ó yọ lè má tíì yọ, a ó sì sọ fún ẹni tí ibà wà lára rẹ̀ pé kò sí. Bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́ jù, ìlà tí kì í ṣe òótọ́ lè yọ. Ẹ̀kẹta ni bí a ṣe ń ka ìlà. Ibẹ̀ ni àwọn tuntun ti ń ṣìnà jù, nítorí náà àwòrán ni ó yẹ kí a lò, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.

Kí a gbà pé páálí tẹ́sì tí a ní lọ́wọ́ sọ pé ẹ̀kán omi 4 àti ìṣẹ́jú 15. Ewé náà lè rí báyìí:

1. Wo ọjọ́ tí ó wà lára àpò. Bí ó bá ti kọjá, má lò ó.
2. Wọ ìbọ̀wọ́ tuntun.
3. Má ya àpò kí aláìsàn tó jókòó. Ya àpò. Kọ orúkọ aláìsàn sára pèlébé.
4. Fi òwú ọlọ́tí nu ìka. Jẹ́ kí ó gbẹ.
5. Gún ẹ̀gbẹ́ ìka. Ju abẹ́rẹ́ sínú àpótí abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀.
6. Fa ẹ̀jẹ̀ dé ìlà tí ó wà lára ọ̀pá.
7. Fi ẹ̀jẹ̀ sí ihò ẹ̀jẹ̀.
8. Di ìgò omi mú ní òòró. Kán ẹ̀kán 4 sí ihò omi.
9. Dúró fún ìṣẹ́jú 15.
10. Ka ìlà. Kọ èsì sínú ìwé.

Àwòrán mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Ìlà C àti ìlà T: ibà wà, bí ìlà T tilẹ̀ ṣe bàìbàì. Ìlà C nìkan: a kò rí ibà. Kò sí ìlà C: tẹ́sì náà kò dára, mú òmíràn, bí ìlà T tilẹ̀ yọ.

Ọ̀rọ̀ «bàìbàì» yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ìlà tí kò hàn dáadáa túmọ̀ sí ibà díẹ̀ tí kò tó nǹkan, tàbí pé kò sí ibà rárá. Ìlà C ní tirẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa ibà. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé omi ṣàn dé ibi tí ó yẹ kí ó dé, àti pé tẹ́sì náà ṣiṣẹ́.

Ewé yìí kò tíì parí o. A gbọ́dọ̀ fún ẹnì kan tí kò ṣe iṣẹ́ náà rí, kí ọ̀gá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìfọhùn. Níbi tí ọwọ́ bá ti dúró, tàbí tí ojú bá ti padà sí orí ewé lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀rọ̀ ewé ni ó ní àbùkù, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Ìlà 9 ni yóò kọ́kọ́ dá a dúró. Yóò bèèrè pé, «Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀ sí kà á? Ṣé láti ìgbà tí mo fi ẹ̀jẹ̀ sí i ni, àbí láti ìgbà tí mo kán omi?» Ìgbà tí a kán omi tán ni. Bí ẹ̀gbọ́n bá fi ẹnu dáhùn, tí kò sì tún ewé kọ, ẹni tuntun tí ó bá tún dé yóò bèèrè bákan náà, tàbí kí ó dákẹ́, kí ó sì ṣì í ṣe. Àtúnṣe rẹ̀ ni: «Bí o bá kán omi tán, wo aago. Kọ àsìkò sára pèlébé. Ka ìlà lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15.» Gbólóhùn náà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kì í ṣe pé kí ewé kúrú jù ni a ń wá, bí kò ṣe pé kí ọwọ́ má dúró. Anfààní mìíràn tún wà níbẹ̀: bí aláìsàn márùn-ún bá jókòó pọ̀, àsìkò tí a kọ sára pèlébé kọ̀ọ̀kan kò ní jẹ́ kí a da tiwọn pọ̀.

Ohun tí ewé kò lè ṣe náà wà. Kò lè kọ́ni bí a ṣe ń di ìka ọmọ ọwọ́ mú tàbí bí abẹ́rẹ́ ṣe yẹ kí ó wọlé tó. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ni yóò fi han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Àwọn ọ̀ràn kan sì wà tí ó yẹ kí ó dúró sínú ìwé ńlá. Ní irú tẹ́sì tí ó wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìlà T lè ṣì máa yọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lára ẹni tí ó ti lo oògùn tí ara rẹ̀ sì ti yá, nítorí ohun tí kòkòrò ibà fi sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kò tíì tán. Bí a bá fẹ́ kọ èyí sí orí ewé, yóò gba ìlà mẹ́rin, òṣìṣẹ́ kò sì ní rí ìlà ẹ̀kán omi mọ́. Ìlà kan tó: «Bí aláìsàn bá ti lo oògùn ibà láìpẹ́, pe ọ̀gá.»

Lẹ́yìn náà ni a ó kọ ọjọ́ tí a ṣe ewé àti orúkọ ìwé ìlànà tí a ti mú un jáde sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. A ó fi í sínú ike kí omi má bà á jẹ́, a ó sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ní ọ̀gangan ojú ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì àyẹ̀wò.