Lẹ́tà Tí Ajẹ́ǹtì Ń Kọ sí Àwọn Òtẹ́ẹ̀lì Mẹ́kà

Ká ní ajẹ́ǹtì kan n'Ìbàdàn fẹ́ kó ènìyàn 120 lọ ṣe Úmúrà, tí wọ́n máa sun alẹ́ mẹ́wàá ní Mẹ́kà. Kó tó lè sọ iye tí oníkálukú máa san, ó gbọ́dọ̀ mọ iye tí òtẹ́ẹ̀lì máa gbà. Lẹ́tà kan náà ló máa kọ sí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ́jọ́ kan náà, á sì dá ọjọ́ tó fẹ́ gbọ́ èsì fún wọn. Lẹ́tà yìí kì í ṣe àdéhùn. Iye owó lásán ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ohun tó bá gbàgbé láti kọ síbẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan á fi èyí tó wù ú dí àlàfo rẹ̀, èsì wọn ò sì ní ṣeé gbé síra wọn mọ́.

Níbi yàrá ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ń ṣìṣe. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin ló máa ń dín ìnáwó ẹnì kọ̀ọ̀kan kù jù, ó sì rọrùn láti pín 120 sọ́nà mẹ́rin kéèyàn kọ yàrá 30. Ta ló máa wá kó ìyàwó oníyàwó sí yàrá ọkọ ẹlòmíràn? Bí tọkọtaya mẹ́sàn-án bá fẹ́ yàrá tiwọn, tó wá ku ọkùnrin 43 àti obìnrin 59, àwọn ọkùnrin á gba yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin 10 àti ẹlẹ́ni mẹ́ta kan, àwọn obìnrin á gba ẹlẹ́ni mẹ́rin 14 àti ẹlẹ́ni mẹ́ta kan. Fi yàrá ẹlẹ́ni méjì mẹ́sàn-án kún un, ó di yàrá 35. Ẹni tó kọ 30 á dé Mẹ́kà kó tó rí i pé yàrá márùn-ún kù. Kó tún béèrè bóyá bẹ́ẹ̀dì gidi ni ẹ̀kẹrin nínú yàrá, tàbí èyí tí wọ́n ń ká jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Lẹ́yìn èyí ni alẹ́ tí wọ́n máa dé. Bí bàálù bá balẹ̀ sí Jẹ́dà ní aago mọ́kànlá alẹ́, kí wọ́n tó yẹ ìwé ìrìnnà wò, kí ẹrù jáde, kí bọ́ọ̀sì sì rin bíi ọgọ́rin kìlómítà dé Mẹ́kà, ó lè di aago mẹ́rin ìdájí. Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀ kì í fúnni ní kọ́kọ́rọ́ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà, alẹ́ tó ṣáájú ni kí ajẹ́ǹtì kọ sínú lẹ́tà, kó sì sanwó rẹ̀, bí kò bá fẹ́ kí àwọn ìyá àgbà fi wákàtí méjìlá jókòó sórí àpótí ẹrù.

Iye owó fúnra rẹ̀ ló ń tanni jù. Ká ní òtẹ́ẹ̀lì kìíní gba 400 ríyáàlì lórí yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin lálẹ́ kan, tí èkejì ní 560 lòun máa gbà. Ẹni tó ń kánjú á sáré mú ti kìíní. Owó-orí ọjà ní Sáúdì ti di ìdá 15 nínú 100 láti ọdún 2020. Bí kò bá sí nínú 400 yẹn, ó ti di 460. Bí oúnjẹ ò bá tún sí níbẹ̀, tí ti ẹnì kan jẹ́ 30 ríyáàlì lóòjọ́, 120 tún wọlé: ó di 580. Èkejì tó ti ka owó-orí àti oúnjẹ mọ́ ọn ló wá fi 20 ríyáàlì dínwó. Lórí yàrá 24 fún alẹ́ mẹ́wàá, 4,800 ríyáàlì nìyẹn. Ìdí nìyí tí lẹ́tà fi gbọ́dọ̀ sọ pé kí wọ́n fi gbogbo owó-orí àti oúnjẹ sínú iye kan. Bó bá jẹ́ oṣù Ràmàdáánì, sààrì àti ìṣínu ni kó béèrè, kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti ti ọ̀sán.

Nípa ọ̀nà jíjìn, “ó súnmọ́ Haramu” kì í ṣe èsì. Kí wọ́n sọ iye mítà dé àgbàlá mọ́sálásí, kí wọ́n sọ bóyá òkè ni wọ́n máa gùn padà, àti iye lífìtì tó ń ṣiṣẹ́. Bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò lásìkò ìrun, torí wọ́n sábà máa ń dí àwọn ọ̀nà tó yí Haramu ká.

Ó ku ọ̀rọ̀ ìdápadà. Físà ẹlòmíràn lè má jáde, àìsàn sì lè dá ẹlòmíràn dúró sílé. Kí ajẹ́ǹtì béèrè iye yàrá tó lè dá padà láìsan ìtanràn àti ọjọ́ tí àǹfààní yẹn máa tán, kó wá fi ọjọ́ náà wé ọjọ́ tó ń retí físà. Bí ti òtẹ́ẹ̀lì bá ṣáájú ti físà, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sún un síwájú kó tó san àsansílẹ̀ kankan.