Ojú Kan Náà Láàárọ̀ àti Nírọ̀lẹ́

Ní ọjọ́ Àìkú, 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì kan nílùú Ọ̀wọ̀, ní ìpínlẹ̀ Òndó, wọ́n sì pa èèyàn 40 ó kéré tán. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tán tí fídíò òkú àti ẹ̀jẹ̀ fi ń kiri orí ẹ̀rọ ayélujára. Ẹnì kan ní Nàìjíríà gbé ọ̀kan sórí Instagram. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn agbébọn pa ọ̀pọ̀ èèyàn, pé ọ̀rọ̀ náà bani nínú jẹ́, ó sì to ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi tó ní àmì # tẹ̀lé e. Díẹ̀ nínú wọn jẹ mọ́ ìbọn àti ìró ìbọn.

Meta, ilé iṣẹ́ tó ni Instagram, yọ fídíò náà kúrò. Lójú tiwọn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìbọn nídìí òkú ń fi olóògbé ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nígbà tó di oṣù Kejìlá, Ìgbìmọ̀ Alábòójútó tó ń tún irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́ ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n sì fi ìkìlọ̀ bo ojú rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwọn tó ń fi ìbọn ìṣeré najú ló sábà máa ń lo àwọn ọ̀rọ̀ náà, pé kò sí ẹ̀rí pé ẹni náà ń yọ̀ sí ikú ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ náà kò fohùn ṣọ̀kan.

Bí ọ̀rọ̀ bá le tó báyìí fún ìgbìmọ̀ tó ní ọ̀pọ̀ oṣù láti rò ó, ti ẹni tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ńkọ́, tí irú fídíò bẹ́ẹ̀ ń tò wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀, tí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré sì wà fún un láti pinnu? Iṣẹ́ àwọn aṣàyẹ̀wò nìyẹn. Wọ́n ń wo ohun táwọn èèyàn fẹjọ́ rẹ̀ sùn tàbí tí ẹ̀rọ fura sí, wọ́n á wá sọ bóyá kó dúró, kó gba ìkìlọ̀, tàbí kó kúrò.

Iṣẹ́ náà máa ń pani lára. Daniel Motaung, ọmọ South Africa tó ṣiṣẹ́ náà fún Facebook ní Nàìróbì lábẹ́ ilé iṣẹ́ Sama, gbé iléeṣẹ́ méjèèjì lọ sí kóòtù ní Kẹ́ńyà lọ́dún 2022. Nínú ẹjọ́ mìíràn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pè, dókítà tó jẹ́ olórí ìtọ́jú ìlera ọpọlọ ní ilé ìwòsàn Kenyatta yẹ̀ wọ́n wò, àbájáde rẹ̀ sì jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024: ó lé ní 140 nínú wọn tí ohun tí wọ́n wò ti dá àìsàn ọkàn sí lára, irú èyí tó máa ń ṣe ẹni tó ti ojú ogun dé, tí ohun tó ti kọjá á tún máa padà wá bá a lójú oorun àti lójú mọ́mọ́.

Àwọn ọ̀gá iṣẹ́ máa ń ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ìdájọ́ tó dọ́gba wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ wò, àlàáfíà òṣìṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ agbaninímọ̀ràn. Ìyàtọ̀ yẹn kò tọ̀nà. Ojú tó ti wo ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́fà kì í dájọ́ bí ojú àárọ̀. Ọ̀nà méjì ló máa ń gbà yà. Ọkàn ẹlòmíì á yigbì, fídíò tí ì bá fi ìkìlọ̀ bò láàárọ̀, á jẹ́ kó kọjá lọ nírọ̀lẹ́ nítorí pé ó ti rí èyí tó burú jù ú lọ. Ẹlòmíì á di ẹlẹ́rù, á máa yọ gbogbo ohun tó bá jọ ìwà ìkà kúrò, títí kan ìròyìn àti ọ̀fọ̀. Ẹni tó bá bá ọ̀rọ̀ ìbọn pàdé lábẹ́ fídíò Ọ̀wọ̀ ní irú wákàtí yẹn, ó rọrùn kó rò pé yẹ̀yẹ́ ni.

Ohun tó máa ń ran irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kó má fi ojú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni kó kọ́kọ́ kà: kí ni ẹni tó gbé e síta kọ, ta ni òun, kí ni àwọn tó fẹjọ́ sùn sọ? Lẹ́yìn náà ni á wo àwòrán kékeré bíi mélòó kan láti inú fídíò náà, láìtíì jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, ní àwọ̀ eérú, kó sì pa ohùn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdájọ́ ti máa ń hàn níbẹ̀, tí kò ní sí ìdí láti wo gbogbo rẹ̀. Ohùn ló kẹ́yìn, bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ bá lè yí ìdájọ́ padà. Igbe ẹni tó ń kú máa ń pẹ́ létí.

Èyí ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Lọ́dún 2019, àwọn olùwádìí Google rí i pé sísọ àwòrán di aláwọ̀ eérú ń dín bí ó ṣe ń ba ọkàn aṣàyẹ̀wò jẹ́ kù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn olùwádìí kan ní Texas mú kí àwòrán ṣe bàìbàì, kí ẹni tó ń wò ó sì fi asin kọ̀ǹpútà ṣí ibi tó bá nílò nìkan. Ìdájọ́ wọn kò bàjẹ́, iṣẹ́ wọn kò sì falẹ̀. Àmọ́ àwọ̀ eérú ní ibi tó mọ: bí ìbéèrè bá jẹ́ bóyá ẹ̀jẹ̀ ni tàbí ọ̀dà, àfi kéèyàn dá àwọ̀ padà fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbé fídíò Ọ̀wọ̀ sórí ìlànà yìí. Ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń ṣọ̀fọ̀. Àwòrán kékeré fi hàn pé òkú àti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí náà ó kéré tán, ó nílò ìkìlọ̀. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ẹnikẹ́ni ń yin àwọn apànìyàn tàbí ń fi òkú ṣẹ̀sín, àwọn ọ̀rọ̀ oní-# nìkan ló sì lè mú kéèyàn fura. Aṣàyẹ̀wò tí kò bá mọ ìtumọ̀ wọn kò gbọdọ̀ méfò. Á wá ibi tí àwọn mìíràn ti lò wọ́n, tàbí kó fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà, á kọ ìlà kan: òfin tó tẹ̀ lé àti ìdí rẹ̀. Ìlà yẹn ni yóò kà lọ́la bí fídíò tó jọ ọ́ bá dé, kí ìdájọ́ rẹ̀ má baà gbára lé bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí.

Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ̀ pé òun ti ń yà? Kì í sábà mọ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi dára kí wọ́n dá díẹ̀ nínú ohun tó dájọ́ láàárọ̀ padà sínú ìlà rẹ̀ lọ́sàn-án láìsọ fún un, kí wọ́n sì fi ìdáhùn méjèèjì wéra. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ìsinmi ló kàn, kì í ṣe ìbáwí. Àkókò tó ń lò lórí fídíò kọ̀ọ̀kan náà máa ń sọ̀rọ̀: bí ó bá já wálẹ̀ lójijì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ló ń dájọ́, kì í ṣe ojú rẹ̀.

Aago ló yẹ kó pe ìsinmi, nítorí pé ó máa ń pẹ́ kí ẹni tó ti rẹ̀ tó gbà pé ó ti rẹ òun. Ohun tó ń ṣe nígbà ìsinmi náà tún ṣe pàtàkì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Emily Holmes àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Oxford fi hàn lọ́dún 2009 pé àwọn tó ta Tetris, eré títo búlọ́ọ̀kù lórí kọ̀ǹpútà, ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn fíìmù tó ń bani lẹ́rù, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí àwòrán rẹ̀ kó máa padà wá sí wọn lọ́kàn bíi ti àwọn tí kò ta á. Èrò wọn ni pé eré náà gba ojú inú kan náà tí ẹ̀rù fẹ́ fi kọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe oògùn o, inú yàrá ìwádìí ni wọ́n sì ti dán an wò. Àmọ́ ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí ohun tó ń fún ojú níṣẹ́ wúlò ju kéèyàn jókòó máa wo ara ògiri lọ.

Gbogbo èyí kò ní ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ń ka iye fídíò sí òṣìṣẹ́ lọ́rùn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020, Facebook gbà láti san mílíọ̀nù 52 dọ́là fún àwọn aṣàyẹ̀wò ní Amẹ́ríkà láti fi parí ẹjọ́ kan, ó sì ṣèlérí pé ohùn fídíò yóò máa wà ní pípa, àwòrán yóò sì máa jẹ́ dúdú àti funfun. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tó fọwọ́ sí ìwé irú iṣẹ́ yìí, kó béèrè bóyá òun lè pa ohùn fúnra òun, bóyá wọ́n á dín iye fídíò ọjọ́ náà kù bí òun bá lo ìsinmi òun, àti bóyá ohun tí òun bá sọ fún agbaninímọ̀ràn lè dé etí ọ̀gá òun.